Bí Bíìmù Bá Juwọ́ Sílẹ̀, Ṣé Ó Ti Wó Nìyẹn?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà àti àwọn kọ́lékọ́lé sọ ní Ìbàdàn ni mo tún tò sílẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn lè máa fara balẹ̀ bá a lọ.

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó nípọn tó mìlímítà 6. Àná ni mo po ẹfun mọ́ omi, mo fi kùn ún láti orí dé ìdí, mo sì jẹ́ kó gbẹ. Mo ti fi fáìsì di orí rẹ̀ kan mú. Ní báyìí, mo fa orí kejì wálẹ̀ díẹ̀, mo jù ú sílẹ̀, ó padà sí àyè rẹ̀. Ẹfun kò ṣe nǹkan kan. Mo tún fà á, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ fojú sí ibi tí irin ti wọ ẹnu fáìsì. Ẹfun ti ń sán ní ìlà tín-ín-rín, ó sì ń já bọ́ sórí tábìlì. Ibi tí ẹfun ti já yẹn ni irin ti juwọ́ sílẹ̀. Tí mo bá jù ú sílẹ̀ báyìí, kò ní padà tán mọ́. Síbẹ̀ kò tíì kán, ó ṣì ń bá ọwọ́ mi jà. Ibòmíràn lára rẹ̀ wà bó ṣe wà, ẹfun ara rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ọ̀nà ìṣirò àtijọ́ sọ pé ibi tí irin bá ti kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ ni òpin bíìmù náà. Mo fẹ́ fi hàn yín pé tí bíìmù bá di gírígírí ní orí méjèèjì, tí ẹrù sì tẹ́ ká gbogbo gígùn rẹ̀, ìjuwọ́sílẹ̀ àkọ́kọ́ jìnnà sí ìwó. Ọ̀nà méjì ni agbára tó kù ti ń wá, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan wà nínú irin fúnra rẹ̀, láàárín awọ òde rẹ̀ àti inú rẹ̀. Èkejì wà láàárín ibì kan lórí bíìmù àti ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Tí ẹ bá tẹ irin, apá kan á nà, apá kejì á sún kì. Láàárín wọn ni ìlà kan wà tí kò nà, tí kò sì sún kì. Ìnira ni mo máa pe agbára tí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nínú irin ń gbé. Bí ẹ bá ṣe ń kúrò ní ìlà àárín yẹn lọ sí òde ni ìnira ń pọ̀ sí i, torí náà awọ òde ló máa ń kọ́kọ́ juwọ́. Irin tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí máa ń juwọ́ tí ìnira bá dé níútìn 275. Nígbà tí awọ òde bá kan 275, kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, àmọ́ kì í já. Ńṣe ló ń nà lọ, tó ṣì gbé 275 tirẹ̀ dání. Ẹrù tuntun tí a bá gbé lé e, irin tó wà nínú ló máa gbà á, bí ìgbà tí ẹni iwájú ti ru ẹrù tó lè rù tán, tí àwọn tó tẹ̀ lé e ṣì ní orí tó ṣófo. Ìjuwọ́ á máa wọnú lọ títí tá á fi kan ìlà àárín. Níbẹ̀, gbogbo irin tó wà lójú ibẹ̀ ti ń gbé 275, kò sí ẹni tó kù tí a lè gbé ẹrù lé.

Ìwọ̀n méjì la ti rí yìí. Agbára ìtẹ̀ tó mú kí awọ òde bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ là ń kọ ní `My`. Agbára ìtẹ̀ tó mú kí gbogbo rẹ̀ juwọ́ tán là ń kọ ní `Mp`. Tí a bá fi `My` pín `Mp`, ohun tó jáde ni òǹkà ìrísí. Mo pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé líle irin kò sí nínú rẹ̀ rárá. 275 wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìrísí ojú irin nìkan ló kù.

Irin pẹlẹbẹ ọwọ́ mi yìí rọrùn láti ṣírò. Ẹ wo apá òkè nìkan. Nígbà tí awọ òde ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́, ìnira bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní àárín, ó dé 275 ní òde, nítorí náà agbára tí apá òkè ń fà jẹ́ ìdajì ohun tó lè fà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ juwọ́ tán, agbára yẹn di ìlọ́po méjì. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín agbára apá òkè àti ti apá ìsàlẹ̀ dín kù. Tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìnípọn irin, ní báyìí ó ti di ìdajì. Èyí túmọ̀ sí pé àlàfo náà ṣẹ́ ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó jẹ́. Ìlọ́po méjì nínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 1.5. Òǹkà ìrísí irin pẹlẹbẹ nìyẹn, ìbáà nípọn, ìbáà tín-ín-rín.

Bíìmù tí a ń lò nínú ilé kì í ṣe pẹlẹbẹ, ìrísí rẹ̀ dà bíi lẹ́tà I. Pẹpẹ wà lókè, pẹpẹ wà nísàlẹ̀, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ irin rẹ̀ ló ti wà ní òde, níbi tí ìnira ti pọ̀ jù. Nígbà tí pẹpẹ bá juwọ́, ìba díẹ̀ nínú ìbàdí ló kù tó lè ranni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí òǹkà ìrísí rẹ̀ fi máa ń wà ní nǹkan bí 1.1 sí 1.15. Ẹ má fi 1.5 ṣírò bíìmù oní-I. Mo ti rí i nínú ìwé ìṣirò ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé dáadáa, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún agbára bíìmù lórí ìwé láìmọ̀. Kò yẹ kí ẹ há nọ́ńbà kankan sórí. Tábìlì irin máa ń fún yín ní nọ́ńbà méjì fún bíìmù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀ ìjuwọ́, ọ̀kan fún ìjuwọ́ tán. Fún bíìmù oní-I tí wọ́n ń pè ní `IPE 300`, wọ́n jẹ́ 557 cm³ àti 628 cm³. Ẹ fi ti kékeré pín ti ńlá, ẹ máa rí 1.13.

Ó wá kan ọ̀nà kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Tí ibì kan lórí bíìmù bá ti juwọ́ tán, kò lè gba agbára ìtẹ̀ kún èyí tó ń gbé, àmọ́ ó lè máa yí lọ. Ó wá dà bí híńjì ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Ó ń yí, ṣùgbọ́n kò yí lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń bá ẹni jà pẹ̀lú `Mp` ní gbogbo ìgbà tó fi ń yí. Híńjì pílásítíìkì ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ike tí ẹ fi ń pọnmi; irin tó bá tẹ̀ tí kò padà ni wọ́n fún ní orúkọ yẹn.

Gábor Kazinczy, ẹnjiníà ará Hungary, ló gbé èrò yìí jáde lọ́dún 1914, lẹ́yìn tó ti di ẹrù lé àwọn bíìmù tí orí wọn méjèèjì dè mọ́lẹ̀. Ohun tó rí ni pé irú bíìmù bẹ́ẹ̀ kì í wó nígbà tí híńjì bá wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣì nílò híńjì kẹta. Ẹ rò ó wò: bíìmù tó ní híńjì ní orí méjèèjì ṣì jẹ́ bíìmù, ó kàn dà bí pákó tí a gbé lé bíríkì méjì. Ìgbà tí àárín rẹ̀ bá tún di híńjì ni kò sí ohun tó gbà á dúró mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà. `IPE 300` ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, orí rẹ̀ méjèèjì di gírígírí mọ́ òpó irin, ẹrù sì tẹ́ ká a. Tí a bá fi 275 sọ nọ́ńbà tábìlì méjèèjì di púpọ̀, `My` jẹ́ 153.2 kNm, `Mp` sì jẹ́ 172.7 kNm. Tí irin kò bá tíì juwọ́, agbára ìtẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti àárín; `w` ni ẹrù lórí mítà kọ̀ọ̀kan, `L` ni gígùn bíìmù:

```
orí:    w L² / 12
àárín:  w L² / 24
```

Orí méjèèjì ló ń jìyà jù, níbẹ̀ ni ẹfun á ti kọ́kọ́ já. Awọ òde ibẹ̀ juwọ́ nígbà tí ẹrù dé kílóníútìn 51.1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìṣirò àtijọ́ dúró sí. A ò ní dúró. Tí ẹrù bá dé 57.6, orí méjèèjì ti juwọ́ tán, wọ́n ti di híńjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 172.7. Èlò ni àárín ń gbé lákòókò yẹn? 86.35 péré, ìdajì agbára rẹ̀. Ó ṣì ní ìdajì kejì tí kò tíì lò.

Láti ibí lọ, bíìmù wa ti dà bíi pákó orí bíríkì méjì fún ẹrù tuntun, agbára ìtẹ̀ àárín sì ń fi `wL²/8` pọ̀ sí i. 86.35 tó kù yẹn á gba kílóníútìn 19.2 sí i lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa 57.6 àti 19.2 pọ̀, ó di 76.8. Híńjì kẹta ti ṣí ní àárín, bíìmù ti dé ẹrù ìwó rẹ̀.

Ọ̀nà tó yá wà láti dé 76.8 láìtọpasẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ẹ ṣá ro bíìmù náà bó ṣe ń wó, kó dà bíi lẹ́tà V tó tẹ́. Orí kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀, tí a kọ ní `θ`, àárín yí ìlọ́po méjì ìyẹn. Iṣẹ́ tí híńjì mẹ́ta ń ṣe gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹrù ń ṣe bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀:

```
Mp·θ + Mp·2θ + Mp·θ = w · L · (Lθ/4)
w = 16 Mp / L²
```

`Lθ/4` yẹn ni ìwọ̀n tí ẹrù fi sọ̀ kalẹ̀ tí a bá pín in dọ́gba, ìdajì ìsọ̀ àárín. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Tí ẹ bá fi híńjì sí ibi tí kò yẹ, iye tí ẹ máa rí á ju òótọ́ lọ, kò ní kéré láé. Ẹ tún wo gbogbo bíìmù náà lẹ́yìn ìṣirò: tí agbára ìtẹ̀ ibì kan bá kọjá `Mp`, híńjì yín kò sí níbi tó yẹ.

Ẹ wá wo ibi tí èrè ti wá. Láti 51.1 dé 76.8 jẹ́ ìlọ́po 1.5. Òǹkà ìrísí mú 1.13 wá, pípín ẹrù láti orí sí àárín mú 1.33 wá. Nínú bíìmù oní-I, ọ̀nà kejì ló ń gbé iṣẹ́ jù. Àmọ́ tí ẹ bá kó gbogbo ẹrù náà jọ sí ojú kan ṣoṣo ní àárín gan-an, nǹkan yí padà. Agbára ìtẹ̀ orí méjèèjì àti ti àárín dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, híńjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́. 1.13 nìkan ló kù fún yín. Bíìmù kan náà ni, orí kan náà, irin kan náà, bí ẹrù ṣe jókòó ló yàtọ̀.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, kò sì tíì yéé wù mí. Ká ní òpó kan rì ju èkejì lọ, mìlímítà 10 péré. Ìrì yẹn nìkan á fi agbára ìtẹ̀ 29 kNm kún orí tí kò rì, kí ẹrù kankan tó dé. Lọ́nà ìṣirò àtijọ́, ìjuwọ́sílẹ̀ àkọ́kọ́ á já wálẹ̀ láti 51.1 sí 41.3, ẹnjiníà á sì ní kí wọ́n lọ ra bíìmù tó tóbi. Ẹrù ìwó ńkọ́? 76.8 ló ṣì jẹ́. Orí tó rù jù á tètè di híńjì, orí kejì á pẹ́ díẹ̀, àárín á kẹ́yìn, àmọ́ nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ṣí, ìrì yẹn ti parẹ́ nínú ìṣirò. Ní Jámánì, ní ìparí àwọn ọdún 1920, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Maier-Leibnitz mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìdúró àwọn bíìmù rẹ̀ sókè sísàlẹ̀ kó tó di ẹrù lé wọn, ẹrù tó wó wọn kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nílùú tí ilẹ̀ amọ̀ ti ń rì láìdọ́gba lábẹ́ ilé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ti sọ rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan: *orí méjèèjì di gírígírí*. Ìtàn kan rèé. Wọ́n pè mí sí ilé alájà kan nítorí pé ilẹ̀ àjà kejì ń mì tí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn bíìmù rẹ̀ jẹ́ `IPE 300` mítà mẹ́fà, ẹrù tó wà lórí wọn sì jẹ́ nǹkan bíi kílóníútìn 20 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé fẹ́ kó ọjà sí i títí dé 50. Ìwé ìṣirò wọn ti lo 16, ó ní 76.8. Mo na òwú láti òpó dé òpó lábẹ́ bíìmù kan, mo sì wọn àlàfo àárín pẹ̀lú rúlà. Tí orí rẹ̀ bá di gírígírí, kò yẹ kó sọ̀ tó mìlímítà 4 lábẹ́ 20. Mìlímítà 18 ni mo kà. Ìlọ́po márùn-ún ni bíìmù tí orí rẹ̀ kò dè fi ń sọ̀ ju èyí tó dè lọ, nítorí náà mo ti mọ ohun tí mo máa rí kí n tó gun àkàbà. Bóòtù méjì àti igun irin kékeré ló so ìbàdí bíìmù mọ́ òpó. Pẹpẹ òkè àti pẹpẹ ìsàlẹ̀ kò kan òpó rárá, ìka mi wọ àárín wọn. Irú bíìmù bẹ́ẹ̀ kò nílò híńjì mẹ́ta kó tó wó. Ẹyọ kan ní àárín tó, 8 sì ni nọ́ńbà rẹ̀, kì í ṣe 16. Ẹrù ìwó rẹ̀ jẹ́ 38.4. Wọn ò bá ti kó 50 lé e lórí. A fi òpó kún àárín bíìmù kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kan wọlé.

Nítorí náà, ẹ máa fi ojú ara yín wo orí bíìmù. Pẹpẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ jó mọ́ òpó tàbí kí àwo irin tó nípọn gbá wọn mú pẹ̀lú bóòtù lókè àti nísàlẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó náà gbọ́dọ̀ le ju bíìmù lọ, nítorí irin tí ọjà tà fún yín ní 275 sábà máa ń juwọ́ ní ìnira tó ga ju bẹ́ẹ̀. Tí ojú ìjó bá já kí híńjì tó ṣí, kò sí pípín ẹrù kankan, ó já nìyẹn. Òpó pẹ̀lú gbọ́dọ̀ lè gba 172.7 kNm yẹn. Híńjì tún gbọ́dọ̀ lè yí láìsí pé pẹpẹ rẹ̀ ká. Ní orí bíìmù, pẹpẹ ìsàlẹ̀ ló ń sún kì, kò sì sí kọnkéré ilẹ̀ tó dì í mú bíi ti òkè. Pẹpẹ tó bá tín-ín-rín jù á wú, á ká bí ike, `Mp` á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nígbà tó yẹ kó dúró. `IPE 300` nípọn tó fún èyí. Bíìmù tí wọ́n fi páálí irin tín-ín-rín jó pọ̀ lè máà tó.

Ẹ tún wo bí bíìmù ṣe ń rọ̀. Títí dé 57.6, àárín rẹ̀ sọ̀ mìlímítà 11. 19.2 tó kù, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta 57.6, sọ̀ ọ́ mìlímítà 18.5 sí i. Ìdí nìyí tí a kì í fi ẹrù ìwó ṣe ẹrù ojoojúmọ́. Tí ẹ bá fi 1.5 pín 76.8, ẹ máa padà sí nǹkan bí 51, ibi tí awọ òde ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ juwọ́, tí àárín kò sì tíì sọ̀ tó mìlímítà 10. Bíìmù tí a ṣírò lọ́nà yìí ṣì ń padà sí àyè rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹrù bá sì jẹ́ irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, bíi ti afárá ojú irin, ẹ fi ọ̀nà yìí sílẹ̀. Irin á sán díẹ̀díẹ̀ kí híńjì kankan tó ṣí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kọnkéré la sábà ń lò níbí. Ṣé a lè lo 16 àti òǹkà ìrísí fún un?"

Mo ní, "Òǹkà ìrísí, rárá. Kọnkéré kì í nà, kò sì ní awọ òde tó lè gbé ìnira dání máa dúró de ti inú. Híńjì, bẹ́ẹ̀ ni, tí irin inú rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Híńjì inú kọnkéré máa ń yí níwọ̀nba. Tí irin bá mọ níwọ̀n, irin ló máa kọ́kọ́ juwọ́. Wàá rí ojú sísán tó fẹ̀ lókè ní orí bíìmù, á máa fẹ̀ sí i, ilẹ̀ á máa sọ̀, ènìyàn á ráyè sá jáde. Tí irin bá pọ̀ jù, kọnkéré ìsàlẹ̀ ní orí bíìmù ló máa fọ́ kí irin tó juwọ́. Kò ní sí ojú sísán tó fẹ̀, kò ní sí ìsọ̀ tó hàn, àárín kò sì ní rí àyè gba ẹrù kankan."

Ó béèrè pé báwo lòun ṣe máa mọ èyí tó wà nínú bíìmù tí wọ́n ti dà. Mo ní kó wá ìwé irin rẹ̀ jáde, kó sì ka irin tó wà lókè ní orí bíìmù, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ ní àárín tí gbogbo wa máa ń sáré kà.